Ẹ̀rín Tí Ìyá Àgbà àti Ọmọ Ọmọ Yóò Jọ Rín



Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ni a tún gbé dé. Kì í ṣe ti owó gbọ̀ngàn, kì í sì í ṣe ti aṣọ ẹbí, nítorí ẹnu ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bó lórí ìyẹn. Ọ̀rọ̀ nípa ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, ìgbà tí ọ̀rẹ́ ọkọ ìyàwó, ẹni tí àwọn ọmọ wa ń pè ní bẹ́sìmáànù, bá dìde, tí ó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ ṣe ẹ̀fẹ̀ níwájú tọmọdé tàgbà. A ti wà níbi tí ìṣẹ́jú díẹ̀ yìí ti mú kí àwọn àna máa wo ara wọn lójú títí ilẹ̀ fi ṣú. A kò fẹ́ irú rẹ̀ mọ́.

Nílé, ọwọ́ alága ìdúró àti alága ìjókòó ni iṣẹ́ ẹ̀rín wà. Àgbà obìnrin ni wọ́n sábà máa ń jẹ́, wọ́n mọ ẹni tí wọ́n lè fi ṣeré, wọ́n sì mọ ibi tí ẹnu gbọ́dọ̀ dúró. Bí wọ́n bá ní kí ọkọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tún dọ̀bálẹ̀ nítorí pé àyà wọn kò kan ilẹ̀ dáadáa ní àkọ́kọ́, ọmọ ọdún 6 yóò rẹ́rìn-ín, ìyá ẹni 80 ọdún yóò rẹ́rìn-ín, ọkọ tí ó dojú bolẹ̀ náà yóò sì máa rẹ́rìn-ín sínú kápẹ́ẹ̀tì. Lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ètò náà yàtọ̀. Bàbá ìyàwó ni ó máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ọkọ a tẹ̀lé e, ọ̀rẹ́ ọkọ a sì kẹ́yìn. Iṣẹ́ tí a gbé lé e lọ́wọ́ ni pé kí ó fi ọkọ ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀, kí ó tó ní kí gbogbo ìjókòó gbé ife sókè fún tọkọtaya. Àwọn ọmọ wa tí a bí síhìn-ín gba àṣà náà tọwọ́ tẹsẹ̀. Wọ́n yọ ọtí kúrò nínú ife, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n àwàdà tí ó bá ọtí náà wá, wọn kò yọ ọ́.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni ó jẹ́ kí a ronú sí ọ̀rọ̀ yìí jinlẹ̀. Nígbà tí ó ku ọ̀sẹ̀ 3 kí wọ́n so yìgì ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, ó mú ọ̀rọ̀ tí ó kọ wá bá àwa mẹ́ta pé kí a bá òun wò ó. Ọ̀rọ̀ náà tó 1,600 ní iye. Ẹni tí ó bá ń sọ̀rọ̀ níwájú èrò láìkánjú kì í ju nǹkan bí ọ̀rọ̀ 120 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Èyí já sí pé yóò sọ̀rọ̀ ju ìṣẹ́jú 13 lọ, láì tíì ka àsìkò tí ènìyàn yóò fi rẹ́rìn-ín, nígbà tí ìrẹsì ti ń tutù. Nípa ti àwọn tí yóò gbọ́ ọ, àlejò lé ní 200. Ìyá àgbà ìyàwó, ẹni ọdún 82, ń bọ̀ láti Ìlọrin. Lémọ́ọ̀mù tí yóò so yìgì yóò jókòó síwájú. Àwọn ọmọdé tó 30. Àwọn Òyìnbó tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ọkọ yóò wà ní tábìlì kan. Ìyá ọkọ, opó tí ó dá tọ́ ọmọ náà, yóò wà lórí ìjókòó gíga.

Ọ̀kan nínú wa ní kí a pa gbogbo àwàdà náà rẹ́, kí ọ̀dọ́mọkùnrin náà ṣe àdúà kí ó sì jókòó. A kò gbà fún un. Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a, máa ń ṣe àwàdà, òtítọ́ ni ó sì máa ń sọ nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá lé ẹ̀rín jáde kúrò nínú gbọ̀ngàn, ìdí tábìlì àwọn ọ̀dọ́ ni ẹ̀rín náà yóò lọ jókòó sí, ibẹ̀ ni wọn yóò sì ti sọ èyí tí ó burú jù.

Èkejì dá àbá mìíràn, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń tẹ̀ lé: kí a fi àwàdà sílẹ̀ bí ó ti wà, kí a kàn fi aṣọ bò ó. Àpẹẹrẹ kan wà nínú ìwé náà. Ó kọ ọ́ pé òun kò ní pẹ́ lórí ìdúró, nítorí òun mọ̀ pé iṣẹ́ pọ̀ níwájú ọkọ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ kò rí ọ̀rọ̀ àlùfànṣá kankan níbẹ̀. Síbẹ̀, èyí ni a lòdì sí jù lọ. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí lóòótọ́, ṣùgbọ́n nínú gbọ̀ngàn àlejò, ọmọdé náà gbọ́ àbọ̀ yẹn, yóò sì béèrè ìyókù. Àwọn ọ̀dọ́ yóò bú sẹ́rìn-ín, ọmọ ọdún 8 yóò fa ìyá rẹ̀ láṣọ, yóò sì béèrè sókè pé kí ni wọ́n ń rín. Ìyá rẹ̀ kò ní lè dáhùn. Ìyá àgbà tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì yóò bi ẹni tí ó ń túmọ̀ fún un, òun náà kò ní lè dáhùn. Gbangba ọ̀rọ̀ burú, ṣùgbọ́n ẹ̀sín rẹ̀ a máa kọjá lọ́gán. Ti àbọ̀ ọ̀rọ̀ a máa rìn láti tábìlì dé tábìlì.

Ohun tí a wá ṣe ni pé a bi àwàdà kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè méjì. Kí ni ènìyàn gbọ́dọ̀ ti mọ̀ kí ó tó lè rẹ́rìn-ín sí i? Ta ni ojú yóò tì kí ẹ̀rín náà tó jáde? Bí ó bá jẹ́ pé ohun tí a kò ní kọ́ ọmọ ọdún 10 ni ènìyàn gbọ́dọ̀ mọ̀, àwàdà náà yóò pín gbọ̀ngàn sí méjì. Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹni tí kò mọ̀ pé a ó fi òun ṣeré ni ojú yóò tì, àwàdà kọ́ ni, ìwọ̀sí ni.

Eré kan tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì máa ń ṣe wà nínú ìwé náà. Ọ̀rẹ́ ọkọ yóò sọ pé nísinsìnyí tí ọkọ ti gbéyàwó, kí gbogbo obìnrin tí kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn dá a padà. Wọ́n ti pín kọ́kọ́rọ́ fún àwọn kan ní ìkọ̀kọ̀. Obìnrin àkọ́kọ́ yóò dìde, èkejì yóò dìde, ẹ̀kẹta yóò dìde, wọn yóò máa jù ú sínú abọ́. Àrúgbó kan ni wọ́n sábà máa ń fi parí rẹ̀, ibẹ̀ sì ni gbogbo ilé yóò ti wó fún ẹ̀rín. Ọ̀dọ́mọkùnrin wa ti pinnu ẹni tí yóò jẹ́ àrúgbó náà. Ìyá àgbà ìyàwó ni, ẹni ọdún 82, láti Ìlọrin, níwájú lémọ́ọ̀mù!

A kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, kí a má purọ́. Lẹ́yìn náà ni a bi í ní ìbéèrè àkọ́kọ́: kí ni ènìyàn gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ó tó rín in? Ó gbọ́dọ̀ gbà pé ọkọ ti máa ń gba obìnrin sílé. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, irọ́ ni a pa mọ́ ọn. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, àṣírí ni a tú. Àwọn àna yóò sì máa ka iye obìnrin tí ó dìde. Ó yẹ kí a fagi lé e, a sì ti mú bírò. Ṣùgbọ́n a rí i pé ara eré náà dára: ó ní ìrìn, ó ní ìró kọ́kọ́rọ́ nínú abọ́, ó sì ń ga sókè láti orí ẹnìkan dé orí èkejì. Ẹni tí kò gbọ́ èdè kankan yóò lè máa wò ó. Nítorí náà a bi ọ̀dọ́mọkùnrin náà pé, yàtọ̀ sí irọ́, ta ni kọ́kọ́rọ́ ilé ọkọ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ rí? Ó ronú díẹ̀, ó ní, “Èmi gan-an. Mo sun orí àga ìrọ̀gbọ̀kú rẹ̀ fún oṣù 7.” Ó tún rántí ìbátan ọkọ kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ìjẹ̀bú Òde, àti ọ̀rẹ́ méjì tí wọ́n ń wá ilé.

Bí eré náà ṣe yí padà nìyẹn. Ọ̀rẹ́ ọkọ yóò sọ pé ìyàwó ti dé, àga ìrọ̀gbọ̀kú náà ti ní olówó, kí gbogbo ẹni tí ó ti sùn lórí rẹ̀ dá kọ́kọ́rọ́ padà. Ọkùnrin mẹ́ta yóò dìde lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ó bá dà bí ẹni pé ó ti parí, òun fúnra rẹ̀ yóò dákẹ́, yóò wo ilẹ̀, yóò sì fa tirẹ̀ yọ láti inú àpò agbádá. A ní kí ó gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn mẹ́ta náà ṣáájú, nítorí kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó fẹ́ kí ayé mọ ọjọ́ tí òun kò nílé. Ọ̀kan kọ̀. A fi í sílẹ̀, a kò bi í ní ìdí.

Èyí tí ó fún wa níṣẹ́ jù kò ní ohun àlùfànṣá kankan nínú, òun sì ni ó léwu jù. Ó kọ ọ́ pé kóòtù ilé ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ni ọkọ wọ̀ fún ọdún 5, títí apá rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìgbọ̀nwọ́, àti pé wọ́n fún un ní orúkọ ẹ̀sín nítorí rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò rín in dáadáa. Ọkọ fúnra rẹ̀ kò ní bínú. Ṣùgbọ́n a mọ ìyá rẹ̀. Obìnrin náà ń nu ilẹ̀ ọ́fíìsì lóru, ó sì ń din àkàrà tà ní òpin ọ̀sẹ̀, kí ọmọ náà lè ní kóòtù kan yẹn. Lórí ìjókòó gíga, nínú aṣọ òkè, ni yóò ti gbọ́ pé kóòtù náà kéré. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí ni èyí lóòótọ́. Ohun tí ó jẹ́ ìrántí ìgbà èwe fún ọ̀dọ́, ìgbà ìnira ni fún òbí tí ó gbé e kọjá. Àwọn méjèèjì wo kóòtù kan náà, wọn kò rí nǹkan kan náà.

A bi í pé kí ni nǹkan mìíràn tí ó rántí nípa kóòtù náà. Ó ní ó máa ń rùn epo. Kí ló dé? Nítorí pé láràárọ̀ ọjọ́ Ajé ni ọkọ máa ń kó àkàrà tí ó ṣẹ́kù sínú àpò rẹ̀, kí ó lè gbé e wá fún òun. A wo ara wa. Ọ̀rọ̀ ti wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ibòmíràn ni ó ń wò. Nínú èyí tí a tún kọ, kóòtù náà kò kúrò, ṣùgbọ́n àbàwọ́n epo ni a ń rín, ọ̀jẹun tí a sì fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni ẹni tí ó mú gbohùngbohùn dání. Ó lọ sílé wọn ní Sátidé kan, ó jẹ àkàrà 14, ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì wò ó títí, ó ní, “Ọmọ yìí, ṣé ikùn nìyí ni, àbí àpò?”

A ní kí ó fi ọ̀rọ̀ ìyá náà sílẹ̀ ní Yorùbá bí ìyá ṣe sọ ọ́, kí ìyókù ìtàn wà ní Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn kan gbà pé kí a sọ àwàdà lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kan ní èdè kọ̀ọ̀kan. Kì í dára. Ẹ̀rín tí a túmọ̀ a máa dé nígbà tí ìtàn ti lọ síwájú, ìdajì gbọ̀ngàn a sì máa rín ohun tí ìdajì yòókù ti rín tán. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a bí sí Lọ́ńdọ̀nù, bí kò bá tilẹ̀ gbọ́ Yorùbá mìíràn, ó gbọ́ ìbáwí ìyá. Ohùn yẹn ni ìyá àgbà àti ọmọ ọmọ jọ mọ̀.

Àwàdà kan dá lórí ohùn èdè wa, òun ni a fẹ́ràn jù, òun náà sì ni ó lè bàjẹ́ jù. Ọjọ́ tí ọkọ kọ́kọ́ lọ kí bàbá ìyàwó, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ rẹ̀ kú sí ẹnu ọ̀nà wọn. Bàbá jáde, ó wo ọkọ̀ náà yípo, ó mi orí, ó ní, “Ọkọ̀ yìí kò dára.” Àyà ọ̀dọ́mọkùnrin náà ti ń já láti ilé, “ọkọ yìí kò dára” ni ó gbọ́, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sí ẹ̀gbẹ́ títì, ó ń bẹ bàbá. Àwọn àgbà yóò rín ìyàtọ̀ ohùn náà. Àwọn ọmọdé yóò rín ọkùnrin tí ó dọ̀bálẹ̀ níwájú mọ́tò. Àwọn Òyìnbó ńkọ́? Ìlànà kan ni a fún un: kí ó ṣàlàyé kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀, ní gbólóhùn kan péré, pé ohùn nìkan ni ó ya ọkọ àti ọkọ̀ sọ́tọ̀ ní èdè wa. Àlàyé tí ó bá ṣáájú, ara ìtàn ni. Èyí tí ó bá tẹ̀lé e, òkú àwàdà ni ó ń sin.

Ewu tí ó wà níbẹ̀ ni pé ẹnu ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò dá lórí fáwẹ̀lì wa. Bí “ọ” bá di “o” fún un níbẹ̀, tí ohùn sì gòkè díẹ̀, ọ̀rọ̀ tí a kì í sọ níwájú ìyá àgbà ni yóò jáde lẹ́nu rẹ̀ nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. A jẹ́ kí ó sọ gbólóhùn náà fún wa lójoojúmọ́ lórí fóònù fún ọ̀sẹ̀ kan. A tún ní kí ó tọrọ àyè lọ́wọ́ bàbá ìyàwó, nítorí àna kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹni. Bàbá náà gbà, ó sì fi kún un pé kí ó má gbàgbé pé òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà.

Ọ̀kan wà tí a yọ láìfi ohunkóhun rọ́pò rẹ̀: àwàdà pé kí ìyàwó wò ó dáadáa bóyá òun ni ọkọ fẹ́ tàbí ìwé ìgbélùú. Kò sí bí a ṣe lè tún un ṣe. Nínú ènìyàn 200, a kò mọ ẹni tí ó ń dúró de lẹ́tà ìjọba, a kò sì mọ tọkọtaya tí wọ́n ti yà sí yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ rí láti bi wọ́n ní àwọ̀ búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ara wọn. Ìtàn ìrìnàjò bọ́ọ̀lù kan náà lọ. Ó pa wá lẹ́rìn-ín gan-an, kò sì ní ìbàjẹ́ kankan nínú, ṣùgbọ́n ẹni márùn-ún tí wọ́n jọ lọ nìkan ni ó lè yé. Inú ọ̀dọ́mọkùnrin náà bàjẹ́ sí èyí ju gbogbo rẹ̀ lọ, a kò sì dá a lẹ́bi.

Ohun tí ó ṣẹ́kù jẹ́ 640 ní iye, ìṣẹ́jú 5 àti díẹ̀. Kí a tó fọwọ́ sí i, a jẹ́ kí ó kà á sókè fún ẹni mẹ́ta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: ìyá kan tí ó ti lé ní 70 ọdún, ọmọbìnrin ọdún 13 kan, àti ọkùnrin kan tí kì í ṣe Yorùbá. A kò bi wọ́n bóyá ó dára, nítorí wọn yóò sọ pé ó dára. A ní kí wọ́n tún ìtàn kọ̀ọ̀kan sọ fún wa. Ibi tí ìyá náà ti sọ ọ́ nù ni a ti gé e kúrú. Ọmọbìnrin náà ní kò yé òun ìdí tí ẹnìkan fi ń gbé àkàrà sínú àpò nígbà tí ọ̀rá wà, a sì fi gbólóhùn kan kún un pé ó ń fi pamọ́ fún àwọn tíṣà.

Lọ́jọ́ náà, kò sí ohun tí ó lọ bí a ṣe kọ ọ́ pátápátá. Ní ibi ọkọ àti ọkọ̀, ó mú fáwẹ̀lì, ó mú ohùn, ṣùgbọ́n ó kánjú, ìdajì ilé kò sì gbọ́ ìyàtọ̀. Ìdọ̀bálẹ̀ tí ó ṣe ni ó gbà á sílẹ̀. Lẹ́yìn àkàrà, ẹ̀rín pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi gun orí rẹ̀, ó sì fi ohun tí a kò kọ kún un, pé ó kù sí ìyàwó lọ́wọ́ kí ó kọ́ bí a ṣe ń se oúnjẹ. Àwọn ọ̀dọ́ rín in. Ìyá ìyàwó kò rín. Ó rí i, ó dákẹ́ ní ìwọ̀n ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta tí ó dà bí wákàtí kan lójú wa, lẹ́yìn náà ni ó fà á padà sọ́dọ̀ ara rẹ̀: ó ní òun ń sọ bẹ́ẹ̀ nítorí òun ṣì ń bọ̀ wá jẹun níbẹ̀. A gbà pé ó yẹ kí a ti kìlọ̀ fún un nípa èyí. Ẹ̀rín a máa pa ènìyàn bí ọtí, pàápàá ẹni tí kò bá wọn mu ún rí.

Kọ́kọ́rọ́ ni ó fi parí. Nígbà tí ó fa tirẹ̀ yọ láti inú agbádá, àwọn ọmọdé dìde dúró lórí àga, ìyá ọkọ ń nu ojú rẹ̀, lémọ́ọ̀mù pàápàá fi ọwọ́ bo ẹnu. Lẹ́yìn náà ni ó ní kí gbogbo ènìyàn gbé ọwọ́ sókè, kì í ṣe ife, lémọ́ọ̀mù sì gba àdúà. Àwọn Òyìnbó gbé ife omi ọsàn wọn sókè, kò sí ẹni tí ó bá wọn wí.

Ìyá àgbà ti rí ohun gbogbo, bí kò tilẹ̀ gbọ́ ju ìdajì lọ. Kí wọ́n tó gbé oúnjẹ dé, ó rán ọmọ ọmọ rẹ̀ sí ọkọ pé kí wọ́n má ṣe kó gbogbo kọ́kọ́rọ́ inú abọ́ yẹn pamọ́, òun fẹ́ ọ̀kan kí òun tó padà sí Ìlọrin.